Ẹ Má Pa Gbogbo Rẹ̀ Rẹ́, Ẹ Má sì Tọ́jú Gbogbo Rẹ̀

Ní ọjọ́ kẹta oṣù keje ọdún 2021, àwọn tó ń béèrè fún Orílẹ̀-èdè Yorùbá péjọ sí pápá Gani Fawehinmi ní Ọjọ́ta, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣófẹ́. Àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú, wọ́n fi ọkọ̀ tó ń tu omi tú wọn ká, wọ́n sì kó èèyàn 49. Lọ́jọ́ náà gan-an, ọ̀dọ́bìnrin kan kú nítòsí ibẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ ní ọta ìbọn ló bà á. Àwọn ọlọ́pàá ní ọwọ́ àwọn mọ́.

Ẹ wo ohun méjì tó dojú kọ ara wọn níbẹ̀. Èkíní, ẹnikẹ́ni tó bá ní fídíò tàbí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Ọjọ́ta lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀rí ló ní lọ́wọ́ lórí ikú ọmọ ọlọ́mọ. Èkejì, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá kó pẹ̀lú fóònù lápò, gbogbo àwọn tó wà nínú gúrúùpù rẹ̀ ni wọ́n kó mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé wọn ní Ìkòsí ni wọ́n jókòó sí. Nǹkan kan náà ló ń gbani, òun náà ló ń pani.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí, àṣẹ méjì ni a máa ń gbọ́ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ àti àwọn akọ̀ròyìn ọ̀dọ́. Àwọn kan á ní, "Ẹ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ kíá." Àwọn mìíràn á ní, "Ẹ má pa nǹkankan rẹ́, ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò wúlò." Ohun tí a fẹ́ sọ níbí ni pé àṣẹ méjèèjì kò dára, nítorí pé ìtàkùrọ̀sọ kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ náà sì wà nínú rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni ó yẹ kó kù. Èyí èkejì ni ó yẹ kó tètè pòórá, àyàfi bí ẹni náà fúnra rẹ̀ bá ní kó kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ká pa gbogbo rẹ̀ rẹ́

A mọ ìdí tí ẹ fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Mohammed Adamu, pàṣẹ pé kí SARS àti àwọn ẹ̀ka tó jọ ọ́ ṣíwọ́ yíyẹ fóònù èèyàn wò láìtọ́. Bí kò bá jẹ́ pé wọ́n ń ṣe é, kò ní sí ohun tó ń kìlọ̀ fún. Ẹni tó ń wọ dáńfó láti Kétu sí Ọjọ́ta lónìí kò ní fọwọ́ sọ̀yà pé ìkéde yẹn ti yanjú ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí Lẹkkí. Lẹ́yìn alẹ́ ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ológun kọ́kọ́ sọ lórí Twitter pé irọ́ ni ìròyìn tó ní wọ́n wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbà pé àwọn lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, CNN gbé ìwádìí jáde. Fídíò àwọn tó wà níbi ìwọ́de ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì wo àkókò àti ibi tí wọ́n ti yà wọ́n láti inú fáìlì náà fúnra rẹ̀. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Adájọ́ Doris Okuwobi jẹ́ alága rẹ̀ ní Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni wọ́n sì tó fi àbọ̀ jẹ́. Ó lé ní ọdún kan. Ẹni tó bá ti pa gbogbo nǹkan rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kejì, kí ni yóò mú lọ síwájú wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ?

Kí ó tún ṣe kedere: nígbà tí ìjọba Èkó fèsì sí àbọ̀ náà, wọ́n kò gba iye àwọn tí ìgbìmọ̀ sọ pé wọ́n kú. Ohun tí wọ́n dì mú ni pé àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ takora. Bóyá ẹ gbà pẹ̀lú wọn tàbí ẹ kò gbà, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ sẹ́ yóò wá ibi tí àkọsílẹ̀ ti já. Gbogbo fáìlì tí a pa rẹ́ nínú ìbẹ̀rù, ihò ni ó ń dá sínú àkọsílẹ̀, alágbára ni yóò sì gba ihò náà kọjá.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé ẹni tó bá mú ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde wá gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ẹ̀rọ tó ti wá, bí wọ́n ṣe mú un jáde, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì nítorí pé wọn kò tẹ̀lé abala yìí. Fóònù náà kọ̀ǹpútà ni lójú òfin. Sikirínṣọ́ọ̀tù tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan, tí ẹni yẹn tún fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù, tí a kò mọ fóònù tó ti kọ́kọ́ jáde, ariwo ọjà ni lójú adájọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ká má pa nǹkankan rẹ́

Ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́ tiyín. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 2019, àwọn sójà ya wọ ọ́fíìsì ìwé ìròyìn Daily Trust ní Abuja àti ní Maiduguri, nítorí ìròyìn kan lórí ètò ogun láti gba Baga padà. Wọ́n kó kọ̀ǹpútà, wọ́n sì mú akọ̀ròyìn. Lẹ́yìn náà, Uthman Abubakar, olóòtú ẹkùn tí wọ́n mú ní Maiduguri, sọ fún CPJ, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn akọ̀ròyìn, pé wọ́n gbé fóònù òun àti kọ̀ǹpútà òun lọ fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀, pé ẹni tó ta òun lólobó ni wọ́n ń wá. Ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kì í ṣe ìròyìn ni wọ́n ń wá, nítorí ìròyìn ti jáde, gbogbo ayé sì ti kà á. Orúkọ ni wọ́n ń wá.

Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ọlọ́pàá mú Samuel Ogundipe ti Premium Times ní Abuja. Ìròyìn rẹ̀ dá lórí ìwé tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kọ sí ẹni tó ń delé de Ààrẹ nígbà náà. Ohun tí wọ́n ní kó sọ ni ẹni tó fún un níwèé náà. Kí wọ́n tó rí i mú, akẹgbẹ́ rẹ̀ obìnrin kan ni wọ́n kọ́kọ́ pè lórí fóònù, tí wọ́n tàn wá sí àgọ́, tí wọ́n sì fi ṣe ìdẹ.

Nítorí náà, nígbà tí o bá tọ́jú ìtàkùrọ̀sọ ọdún mẹ́ta sínú fóònù tí o ń gbé káàkiri Máìlì 12, kì í ṣe ìtàn ni ò ń tọ́jú. Àkójọ orúkọ àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ ni ò ń tọ́jú fún ẹni tí kò tíì dé. Ohun tí ẹnì kan sọ fún ọ ní ìkọ̀kọ̀ kì í ṣe tìrẹ. Ó fi pamọ́ sí ọ lọ́wọ́ ni. Bí ilé bá ń jó, ẹni tó gba ohun olóhun pamọ́ kò ní sọ pé òun kò tíì ráyè gbé e kúrò.

Ìbéèrè méjì péré

Kí a tó pinnu lórí ohunkóhun tó bá wọlé, ìbéèrè méjì ni ká bi ara wa. Èkíní: bí èyí bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́la, ta ni yóò jìyà rẹ̀? Èkejì: bí a bá pa á rẹ́, ǹjẹ́ ibòmíràn wà tí a ti lè rí i?

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wo nǹkan mẹ́ta tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí wa. Àkọ́kọ́ ni ìhàlẹ̀: òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ọmọ ìta kan kọ ọ́ sí ọ pé bí o bá gbé ìròyìn yẹn jáde, wàá rí i. Ta ni yóò jìyà bí ó bá lu síta? Ẹni tó halẹ̀ ni. Ibòmíràn kò sí tí a ti lè rí i. Nítorí náà, má ṣe pa á rẹ́ láé, má sì fọwọ́ kan nọ́ńbà rẹ̀. Fi sílẹ̀ sórí fóònù tí ó wọlé sí, nítorí fóònù yẹn gan-an ni Abala 84 yóò béèrè.

Èkejì ni ètò: ta ni yóò gbé omi wá sí Ọjọ́ta, ta ni yóò dúró níbo, aago mélòó. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, gbogbo wa ni yóò jìyà rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́, àyàfi fún ẹni tó fẹ́ kó wa. Kí irú èyí pòórá láàárín wákàtí 24. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dìbò lé e lórí.

Ẹ̀kẹta ló ṣòro: ẹ̀rí láti ọwọ́ aláìlágbára. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ni yóò jìyà bí ó bá lu síta, a kò sì lè rí ẹ̀rí náà níbòmíràn. Ibí yìí ni àwọn méjì tí a ń bá wí ti máa ń ṣìnà, nítorí pé wọ́n rò pé ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́wọ́. Ohun méjì ni, ó sì ṣe é yà sọ́tọ̀.

Ká ní ìyá aláta kan ní Máìlì 12

Ká ní ìyá kan tó ń ta ata rodo ní ọjà Máìlì 12 fi nǹkan ránṣẹ́ sí akọ̀ròyìn ọ̀dọ́ kan lórí WhatsApp. Owó kan wà tí àwọn ọkùnrin kan ń gbà lọ́wọ́ wọn láràárọ̀ láìsí rìsíìtì, ẹni tí kò bá san, wọ́n á da apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nù. Ó fi ohùn mẹ́ta, fídíò méjì àti àwòrán kan ránṣẹ́. Kí ni kí akọ̀ròyìn yẹn ṣe?

Ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó tó béèrè ìbéèrè kankan mìíràn, kí ó bá ìyá sọ̀rọ̀: "Ẹ ṣeun, mà. Ṣé ẹ fẹ́ kí orúkọ yín hàn? Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìgbìmọ̀ tàbí ilé ẹjọ́, ṣé ẹ ó lè jáde wá sọ̀rọ̀?" Kì í ṣe akọ̀ròyìn ni yóò dá a pinnu. Bí ìyá bá ní rárá, rárá náà ni. Lẹ́yìn náà, kí àwọn méjèèjì tan `Disappearing messages` sí ọjọ́ méje. WhatsApp fàyè gba wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90. Signal fàyè gba tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó sì jẹ́ kí èèyàn yan iye tó bá fẹ́. Ọjọ́ méje tó láti kó ohun tó yẹ kó kù jáde, kò sì pẹ́ jù. Ohun tó ti wọlé kí wọ́n tó tan án kò ní pòórá fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ni wọn yóò fi pa ìyẹn rẹ́ nígbà tó bá yá.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni fídíò. Bí èèyàn bá fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ti ń ṣe é, ẹ̀rọ náà á fún un pọ̀, á sì yọ ọjọ́, àkókò àti ibi tí wọ́n ti yà á kúrò lára fáìlì náà. Nítorí náà, kí ó bẹ ìyá pé kó tún un fi ránṣẹ́ bíi `Document`, kí fáìlì náà lè wọlé bó ṣe rí gan-an. Kí ó gbé e sórí dírọ́ọ̀fù tí a fi pásíwọ̀ọ̀dù tì pa, tí kì í gbé jáde nílé, kí ó sì sọ ọ́ ní orúkọ tí kò túmọ̀ sí nǹkan kan, bí A1. Lẹ́yìn náà ni kí ó gba òǹtẹ̀ fáìlì náà:

```
sha256sum A1.mp4
```

Lórí Windows, `certutil -hashfile A1.mp4 SHA256` ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ni yóò jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ohun kékeré padà nínú fídíò náà, òǹtẹ̀ yẹn yóò yàtọ̀ pátápátá. Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ tí fáìlì wọlé àti irú fóònù tó gbà á. Bí ó bá di ọdún méjì òní tí ẹnì kan ní wọ́n tún fídíò náà ṣe, ìlà kan yẹn nínú ìwé ni yóò dáhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Fáìlì tó wọlé bó ṣe rí lè ní ibi tí ìyá dúró sí nínú. Nítorí náà, kí A1 má jáde kúrò nínú ìtìpa. Ẹ̀dà tí a ti yọ gbogbo ìyẹn kúrò nínú rẹ̀ ni kí a gbé síta, lẹ́yìn tí a bá ti wò ó bóyá nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ìyá tàbí ojú aládùúgbò rẹ̀ hàn nínú rẹ̀.

Ohùn mẹ́ta yẹn ńkọ́? Ohùn jẹ́ orúkọ. Ẹni tó bá ń ná ata lọ́wọ́ ìyá lójoojúmọ́ yóò dá a mọ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó pé. Kí akọ̀ròyìn kọ ohun tí ìyá sọ sílẹ̀ lọ́rọ̀ kan sí èkejì, kí ó fi ọjọ́ sí i, kí ó pè é ní A2. Bí ìyá bá ti gbà pé òun lè jẹ́rìí, kí ó tọ́jú ohùn kan sínú ìtìpa. Bí kò bá gbà, kí ohùn náà lọ. Ìwé kan ṣoṣo tó so A mọ́ orúkọ ìyá, orí tákàdá ni kó wà, lọ́wọ́ olóòtú, kó má wà nínú fóònù rárá. Kí orúkọ ìyá nínú fóònù akọ̀ròyìn má sì jẹ́ "Ìyá Aláta Ọ̀rọ̀ Owó". Ẹ má rẹ́rìn-ín, bí a ṣe ń tọ́jú nọ́ńbà lórílẹ̀-èdè yìí nìyẹn.

Ohun tí ẹ rò pé ó ti pòórá

Ọjọ́ méje pé, ìtàkùrọ̀sọ ti ṣófo. Ọ̀pọ̀ èèyàn á dúró níbẹ̀. Àṣìṣe ni, nítorí ibi mẹ́rin ṣì wà tí ọ̀rọ̀ ìyá lè sápamọ́ sí.

Ibi àkọ́kọ́ ni ibi àwòrán inú fóònù. Bí WhatsApp bá ń tọ́jú àwòrán àti fídíò fúnra rẹ̀, wọ́n á kúrò nínú ìtàkùrọ̀sọ, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣì wà láàárín àwòrán ìgbéyàwó àti ti ọjọ́ ìbí. Èkejì ni bákáàpù. Lórí Android, WhatsApp máa ń ṣe ọ̀kan sínú fóònù lóru, ọjọ́ bíi mélòó kan ló sì máa ń kó jọ sínú `Android/media/com.whatsapp/WhatsApp/Databases`. Òmíràn lè lọ sórí Google. Èyí tó wà lórí Google kò ní àdììtú tí ìwọ nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àyàfi bí o bá tan án fúnra rẹ, láti ọdún 2021 ni wọ́n sì ti fàyè gbà á. Ẹ̀kẹta ni `Linked devices`: kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ tí o ṣí WhatsApp sí ní ilé ìtẹ̀wé nígbà ìdánwò, tí o kò tì. Ẹ̀kẹrin ni fóònù ìyá fúnra rẹ̀, àti ti ẹnikẹ́ni tó ti fi ránṣẹ́ sí kó tó kàn ọ́. Ẹ kò lè gbọ́wọ́ dé ibẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ sọ fún un.

Ibì kan tún wà tí kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́ nínú wa. Abala 38 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn orí Kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015 ní kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pèsè ìbánisọ̀rọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbánisọ̀rọ̀ fún ọdún méjì. Wọn kò gbọ́ ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tó pe ẹni, àti ìgbà tó pè é. Nítorí náà, bí o bá ti pe ìyá lórí láìnì lásán nígbà mẹ́fà lọ́sẹ̀ tí ìròyìn jáde, kò sí ìpàrẹ́ kankan tó lè bo ìyẹn. Fífi ẹsẹ̀ rìn lọ ra ata ṣì lágbára ju ẹ̀rọ lọ níbẹ̀ yẹn.

Àkókò ló ń sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àwọn tó ń pariwo "ẹ pa á rẹ́" kì í sọ. Pípa nǹkan rẹ́ ní ọjọ́ Ajé gẹ́gẹ́ bí àṣà, kí wàhálà kankan tó ṣẹlẹ̀, ìtọ́jú ilé ni. Pípa ohun kan náà rẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá ti fìwé pè ọ́ tàbí tí ẹjọ́ ti wà nílẹ̀, lè di ẹ̀ṣẹ̀ bíba ẹ̀rí jẹ́. Òfin ìwà ọ̀daràn wa ní abala fún un: bí o bá mọ̀ pé wọ́n lè nílò nǹkan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, tí o sì mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ kí wọ́n má baà rí i lò. Ẹni tí kò ṣẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ní ọjọ́ tí nǹkan bá wọlé ni ká ti pinnu ọjọ́ tí yóò jáde. Kí a kọ òfin wa sílẹ̀, kódà bó jẹ́ ìlà mẹ́ta: ètò, wákàtí 24, ọ̀rọ̀ olùtanilólobó, ọjọ́ méje, ẹ̀rí tí a ti yọ orúkọ kúrò lára rẹ̀, a ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mẹ́fà títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán. Kí a sì máa kọ ọjọ́ tí a pa nǹkan rẹ́ sínú ìwé, láìkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ìwé ìpè bá dé, ohun gbogbo tó kan ọ̀rọ̀ náà dúró níbi tó wà: ẹ pa aago ìpòórá, ẹ pe agbẹjọ́rò, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mọ́. Ẹni tó ti ń tẹ̀lé òfin yẹn bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní ohun tí yóò máa sáré pa rẹ́ lọ́jọ́ náà. Orúkọ ìyá ti kúrò nínú fóònù tipẹ́.

Àtakò kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀

Àwọn kan yóò ní: bí akọ̀ròyìn bá pa orúkọ rẹ́, tí wọ́n sì pè é lẹ́jọ́ pé ó bà wọ́n lórúkọ jẹ́, kí ni yóò fi hàn pé kì í ṣe òun ló dá ìtàn náà sílẹ̀? Àtakò yìí lágbára, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Lóòótọ́, A2 tí a kọ sílẹ̀ kò tó ohùn ìyá fúnra rẹ̀ níwájú adájọ́. Ẹni tó bá yàn láti dáàbò bo ìyá ti yàn láti jẹ́ kí ọwọ́ òun rọ̀ díẹ̀ nílé ẹjọ́.

Ìdáhùn wa ni pé ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wa sí ẹni tó ń ṣòfófó. Nítorí náà ni a fi ní kí fídíò A1 kù pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀, kí ẹ̀rí lè dá dúró láìjẹ́ pé ìyá dúró tì í. Nítorí náà náà ni akọ̀ròyìn tó mọṣẹ́ kò fi ní gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ jáde lórí ẹnu ẹnì kan ṣoṣo. Yóò lọ sí ọjà fúnra rẹ̀ láàárọ̀, yóò wá ẹlẹ́rìí kejì àti ẹ̀kẹta, yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Bí ìròyìn kò bá lè dúró láìfi orúkọ ìyá tì í lẹ́yìn, kò tíì tó gbé jáde ni. Ẹ má fi ìyá aláta dí ihò iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Nínú fóònù, ẹyin kan náà lè wà ní ọwọ́ ọgọ́ta èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan ṣoṣo jẹ́ kó bọ́ ti tó. Nígbà tí ìwọ́de mìíràn bá tún dé Ọjọ́ta, ẹnì kan nínú gúrúùpù yóò tún kọ ọ́ pé, "Ẹ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́!" Ẹ bi í pé: èwo nínú rẹ̀, nítorí ta ni, àti pé kí ló dé tí kò ti lọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?